Àpótí kan náà láti Ọdún 2 títí dé GCSE: kí ló dé tí ìṣirò fi ń padà wá bá wa?

Bí wọ́n bá bí ẹ tàbí tọ́ ẹ dàgbà nílùú òyìnbó, ó ṣeé ṣe kí o ti gbọ́ ìbéèrè yìí nílé yín: "Ṣé kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ẹ lọ́dún tó kọjá náà nìyí?" Bàbá tàbí màmá á ṣí ìwé ìṣirò wò, wọ́n á rí ìsọdipúpọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìsọdipúpọ̀ tún ni. Lójú àwọn òbí wa tó kàwé ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, tí wọ́n rántí pé tíṣà a máa kọ́ ọmọ ní ohun kan tán kó tó bọ́ sí òmíràn, ó dà bíi pé ilé-ẹ̀kọ́ ibí ń fi àkókò ṣòfò.

Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ ká dá a lóhùn dáadáa. Ètò-ẹ̀kọ́ ìṣirò tí ọ̀pọ̀ wa gbà kọjá jẹ́ èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kó máa padà sórí ohun kan náà. Sípáírà ni wọ́n ń pè é. Àwa fẹ́ràn láti fi ìkarahun ìgbín ṣàlàyé rẹ̀: ìlà ara ìkarahun náà ń yí ká, ó ń kọjá ní ẹ̀gbẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tó bá kọjá, ó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí kò bá fẹ̀ sí i, kì í ṣe ìkarahun mọ́, òrùka lásán ni. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni a fẹ́ tọ pinpin lónìí, ohun kan ṣoṣo la ó sì tẹ̀ lé: àpótí onígun mẹ́rin tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní ìsọdipúpọ̀.

Ibi tí èrò náà ti wá

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1959, bíi onímọ̀ 35 pàdé ní Woods Hole, ìlú kékeré kan létí òkun ní ìpínlẹ̀ Masaṣúsẹ́tì ní Amẹ́ríkà. Ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà ni ilẹ̀ Rọ́ṣíà ti fi Sputnik ránṣẹ́ sójú ọ̀run, ẹ̀rù sì ń ba àwọn ará Amẹ́ríkà pé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò wọn ti ń rẹ̀yìn. Ẹni tó darí ìpàdé náà ni Jerome Bruner, onímọ̀ nípa ọkàn àti ìrònú ẹ̀dá ní Yunifásítì Háfáàdì. Lọ́dún 1960, ó tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí ohun tí wọ́n jíròrò, inú ìwé náà sì ni orúkọ sípáírà ti di ohun tí àwọn olùkọ́ mọ̀ káàkiri.

Ohun tí Bruner sọ ni pé kò sí ìdí láti fi ẹ̀kọ́ pàtàkì pa mọ́ fún ọmọ kékeré títí tó fi máa dàgbà. A lè kọ́ ọ ní gbòǹgbò ẹ̀kọ́ náà nísinsìnyí ní ọ̀nà tí ọjọ́ orí rẹ̀ lè gbà, láì purọ́ fún un, ká wá máa padà sí gbòǹgbò yẹn bó ṣe ń dàgbà. Nígbà tó yá, ó ṣàlàyé pé ọ̀nà mẹ́ta ni ènìyàn ń gbà di òye mú: nípa fífọwọ́ kàn án, nípa àwòrán, àti nípa àmì bíi nọ́ńbà àti lẹ́tà. Kì í ṣe pé ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Ọmọ tó di àmì mú láìní àwòrán àti ìfọwọ́kàn lẹ́yìn rẹ̀ kò ní ibi tó máa padà sí nígbà tí àmì bá dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé àpótí náà

Ètò-ẹ̀kọ́ ìjọba ilẹ̀ Ẹ́ńgíláǹdì tó ń ṣiṣẹ́ báyìí bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014. Nínú rẹ̀, láti ìgbà tí ọmọ ti wà ní nǹkan bí ọdún 6 ló ti ń to nǹkan ní ìlà ìlà. Ká ní ẹ̀wà ni tíṣà kó fún un. Ó to ẹ̀wà sí ìlà 3, ìlà kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀wà 4. Ó kà wọ́n, wọ́n jẹ́ 12. Lẹ́yìn náà, ó lọ dúró ní ẹ̀gbẹ́ kejì tábìlì, ó sì rí i pé ìlà 4 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 3 ni òun ń wò báyìí. Ẹ̀wà kan kò kúrò níbẹ̀, ẹ̀wà kan kò sì wọlé. Ohun tó kọ́ ni pé 3 lọ́nà 4 àti 4 lọ́nà 3 kì í yàtọ̀. Ìyípo àkọ́kọ́ nìyẹn.

Nígbà tó bá dé Ọdún 4 àti Ọdún 5, àpótí náà padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹ̀wà mọ́, ìlà ni wọ́n yà sórí ìwé. Ọmọ náà ń kọ́ bí a ṣe ń wọn ààyè inú àpótí: ó kọ́kọ́ ń ka àwọn ojú kéékèèké inú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó mọ̀ pé òun lè sọ gígùn di púpọ̀ pẹ̀lú ìbú. Àmọ́ ohun tó wúlò jù níbẹ̀ ni pé a lè gé àpótí sí wẹ́wẹ́ kí ààyè inú rẹ̀ má sì yí padà. Ẹ wo 23 lọ́nà 14. Yà àpótí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 23, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 14. Gé 23 sí 20 àti 3. Gé 14 sí 10 àti 4. Yàrá mẹ́rin ló wà nínú àpótí náà báyìí:

20 × 10 = 200
3 × 10 = 30
20 × 4 = 80
3 × 4 = 12

Àròpọ̀ wọn jẹ́ 322. Ìṣirò tó le ti di mẹ́rin tó rọrùn, ọmọ náà sì lè fi ojú rí ìdí tí ìdáhùn fi tọ̀nà.

Ibí yìí ni ìjà máa ń wà nílé. Bàbá á wo àpótí náà, á bi ọmọ pé kí ni gbogbo eléyìí, á sì gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Á kọ 23, á kọ 14 sábẹ́ rẹ̀, á ní 4 lọ́nà 23 jẹ́ 92, á fi òdo sílẹ̀, á ní 1 lọ́nà 23 jẹ́ 23, ìyẹn 230, á ro 92 àti 230 pọ̀, á ní 322. Ó tọ̀nà, ó sì yá. Ṣùgbọ́n ẹ wo 92 yẹn dáadáa: 80 àti 12 ni, ìyẹn yàrá méjì ìsàlẹ̀ àpótí. 230 jẹ́ 200 àti 30, ìyẹn yàrá méjì òkè. Àpótí ọmọ náà gan-an ni bàbá ń ṣe, yàrá méjì-méjì ló kàn ń kó pọ̀. Òdo tí wọ́n ní kó máa fi sílẹ̀ láì sọ ìdí rẹ̀ fún un, ìdí rẹ̀ ni pé 1 inú 14 kì í ṣe 1, 10 ni. Ètò-ẹ̀kọ́ Ẹ́ńgíláǹdì pàápàá fẹ́ kí ọmọ mọ ọ̀nà bàbá yìí dájú kó tó kúrò ní Ọdún 6. Àpótí ni ìdí rẹ̀, ìlà gígùn bàbá ni ìyára rẹ̀. Ọmọ nílò méjèèjì.

Lẹ́yìn tí a bá wọ sẹ́kọ́ńdìrì, àpótí náà tún dé, lẹ́tà ló gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ní ká tú àkámọ́ (x + 3)(x + 4). Ọ̀pọ̀ tíṣà á sọ fún ọmọ pé kó fi àkọ́kọ́ ná àkọ́kọ́, kó fi ti ẹ̀yìn ná ti ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó rántí 23 lọ́nà 14 mọ̀ pé àpótí oníyàrá mẹ́rin ni. Gígùn rẹ̀ jẹ́ x àti 3, ìbú rẹ̀ jẹ́ x àti 4. Àwọn yàrá náà ni x², 3x, 4x àti 12, àròpọ̀ wọn sì ni x² + 7x + 12. Fi 10 rọ́pò x, yóò di 13 lọ́nà 14, ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ́ 100 + 70 + 12, ìyẹn 182. Ohun tuntun tó wà nínú ìyípo yìí ni pé a kò mọ bí x ṣe gùn tó, síbẹ̀ a lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Nígbà tí a bá wá ń múra GCSE, pàápàá àwọn tó ń ṣe ìwé ìdánwò tó ga jù, wọ́n á ní ká wá x nínú x² + 10x = 39. Fi ojú àpótí wò ó. x² jẹ́ àpótí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. 10x jẹ́ pátákó gígùn kan, x ni gígùn rẹ̀, 10 ni ìbú rẹ̀. La pátákó náà sí méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan di 5x. Lẹ ọ̀kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àpótí, kí o lẹ èkejì mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ báyìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àpótí ńlá, igun kan péré ló ṣófo, igun náà sì jẹ́ 5 lọ́nà 5, ìyẹn 25. Dí i. Ohun tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì náà gbọ́dọ̀ gba 25 kí méjèèjì lè dọ́gba: 39 + 25 = 64. Àpótí ńlá tí ààyè inú rẹ̀ jẹ́ 64, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 8. Ẹ̀gbẹ́ kan náà yìí ni x + 5, nítorí náà x jẹ́ 3. Lẹ́yìn náà ni tíṣà á fi yé wa pé −8 lọ́nà −8 náà jẹ́ 64, tí x tún fi lè jẹ́ −13, ohun tí àwòrán nìkan kò lè fi hàn wá. Àwòrán náà ní ààlà, ibẹ̀ sì ni àmì ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìṣirò yìí kì í ṣe tuntun rárá. Ní nǹkan bí ọdún 820, Al-Khwarizmi kọ ìdọ́gba yìí gan-an sínú ìwé rẹ̀ ní Bagdádì, àpótí tí igun rẹ̀ ṣófo yìí ló sì fi fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Láti inú orúkọ ìwé náà ni ọ̀rọ̀ áljẹ́brà ti wá.

Ṣé ọmọ kékeré lè ṣe é lóòótọ́?

Bruner kò fi èrò rẹ̀ mọ sórí ìwé nìkan. Òun àti Zoltan Dienes, onímọ̀ ìṣirò tó fẹ́ràn láti máa fi ohun èlò kọ́ ọmọ, gbé pákó fún ọmọ 4 tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 8. Irú pákó mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ jẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba, x ni wọ́n pe gígùn ẹ̀gbẹ́ náà. Èkejì jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, x ni gígùn rẹ̀, 1 ni ìbú rẹ̀. Ẹ̀kẹta jẹ́ pákó kékeré 1 lọ́nà 1. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gé x kó má lè jẹ́ iye pákó kékeré kan pàtó, kí àwọn ọmọ náà má baà kàn fi ìka kà á.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún wọn ni pé kí wọ́n fi pákó wọ̀nyí kọ́ àpótí ọgbọọgba tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àpótí tó tẹ̀ lé e gba pákó tẹ́ẹ́rẹ́ 2 àti kékeré 1. Èyí tó tún tẹ̀ lé e gba tẹ́ẹ́rẹ́ 4 àti kékeré 4. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn gba tẹ́ẹ́rẹ́ 6 àti kékeré 9. Àwọn ọmọ náà rí i pé bí tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ń fi 2 lé sí i, kékeré ń jẹ́ 1, 4, 9, 16. Ohun tí àwa ń pè ní dídí igun nínú GCSE ni wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe, wọn ò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ọmọ 4 kò tó láti fi sọ pé gbogbo ọmọ lè ṣe é, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ló ń dí ọ̀nà.

Nígbà tí ìkarahun bá di òrùka

Ẹ má ṣe rò pé ìbéèrè àwọn òbí wa kò nítumọ̀ o. Ní Amẹ́ríkà, èrò Bruner bà jẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìwádìí àgbáyé TIMSS ti ọdún 1995, William Schmidt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Míṣígànì fi ìwé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà wé ti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Wọ́n rí i pé àkòrí tó wà nínú ti Amẹ́ríkà pọ̀ jù, àti pé àkòrí kan lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láì jìn sí i. Nígbà tí àkòrí bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ọjọ́ mélòó kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan máa rí gbà. Tíṣà kò ní dúró títí tó fi máa yé ọmọ, ó ṣe tán, yóò padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tó bá sì padà wá, ìbẹ̀rẹ̀ ló tún máa bẹ̀rẹ̀ sí, torí kò yé wọn nígbà àkọ́kọ́. Òrùka nìyẹn.

Ètò tí àríyànjiyàn pọ̀ lé lórí jù ni èyí tí àwọn ará Yunifásítì Ṣikágò ṣe, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí Ìṣirò Ojoojúmọ́. Àwọn tó fara mọ́ ọn ní ohun tí ènìyàn kọ́ tó sì padà sí lẹ́yìn àlàfo àkókò máa ń dúró lórí pẹ́, òtítọ́ sì ni èyí: ìwádìí nípa ìrántí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ léraléra. Àwọn tó ta kò ó ní ọmọ ń bọ́ síwájú kí ohun tó wà nílẹ̀ tó yé e. Ní ọdún 2008, ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ lórí ìṣirò sọ pé ó yẹ kí wọ́n yẹra fún ètò tó bá ń padà sórí àkòrí lọ́dọọdún láì parí rẹ̀ rí. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wá fohùn ṣọ̀kan lórí ètò-ẹ̀kọ́ tuntun láti ọdún 2010, wọ́n fi àpótí sí ọdún kẹrin, wọ́n sì fi òpin sí i: ní ọdún karùn-ún, ọmọ gbọ́dọ̀ lè sọ nọ́ńbà ńlá di púpọ̀ láì kọsẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àpótí lè padà wá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn ló máa wá ṣe.

Ìlú Singapore náà ń lo ìkarahun ìgbín, ìfọwọ́kàn, àwòrán àti àmì Bruner sì wà nínú ètò-ẹ̀kọ́ wọn láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Ìyàtọ̀ wọn ni pé àkòrí ọdún kọ̀ọ̀kan kò pọ̀, wọ́n sì ń jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ́. Nítorí náà, kì í ṣe pípadà ni ìṣòro. Ìṣòro ni kí a padà láì gbé ohun tuntun dání.

Bí o ṣe lè mọ ìyípo tó fò ẹ́

Ìkarahun ní àléébù mìíràn tó kan àwa ọmọ àjò gan-an. Bí ọmọ bá ti Nàìjíríà dé sí Ọdún 8, tàbí tó ti Lọ́ńdọ̀nù kó lọ sí Torónítò, ó lè jẹ́ pé ìyípo kan ló fò ó kọjá. Tíṣà tuntun á gbà pé ó ti rí àpótí rí. Ọmọ náà lè mọ ìsọdipúpọ̀ bàbá dáadáa kó sì yára ju gbogbo kíláàsì lọ, ṣùgbọ́n kó má mọ ìdí tí àkámọ́ fi ń tú báyẹn. Wọ́n á ní kò mọ áljẹ́brà, nígbà tó jẹ́ pé àwòrán ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni kò rí.

Ọ̀nà kan wà láti dán an wò. Ní kí ẹni náà tú (x + 3)². Bó bá kọ x² + 9, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ nìyẹn. Má ṣe fún un ní òfin tuntun. Ní kó fi 10 rọ́pò x. Ohun tó kọ fún ẹ á di 100 + 9, ìyẹn 109. Ṣùgbọ́n 13 lọ́nà 13 jẹ́ 169. Ó ku 60. Wá ní kó ya àpótí 13 lọ́nà 13, kó gé e sí 10 àti 3 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó sì wá 60 tó sọ nù náà fúnra rẹ̀. Yóò rí yàrá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 30, tí kò kà. Àwọn ni 6x. Bó bá rí wọn kíákíá, àṣìṣe ọwọ́ ni. Bí kò bá mọ ibi tó máa wá wọn sí, a jẹ́ pé Ọdún 5 ló yẹ kó padà sí fún ìṣẹ́jú 20, kì í ṣe Ọdún 9.

Ìbéèrè kan náà lo lè bi tíṣà nígbàkígbà tí àkòrí àtijọ́ bá tún dé: kí ló jẹ́ tuntun nínú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí? Bó bá jẹ́ ìkarahun, ìdáhùn máa wà, ó sì máa ṣeé sọ ní gbólóhùn kan. Bí kò bá sí ìdáhùn, bàbá yín jàre.

Àwa tí a kọ ìròyìn yìí ti kúrò níléèwé girama, àpótí náà kò sì tíì fi wá sílẹ̀. Nínú kíláàsì tí a ti kọ́kọ́ pàdé kálíkúlọ́ọ̀sì, tíṣà ya àpótí x lọ́nà x, ó sì fi díẹ̀ kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó pe díẹ̀ náà ní h. Ohun tó lé sí i jẹ́ pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, 2xh, àti igun kékeré kan, h². Pín gbogbo rẹ̀ sí h, ó ku 2x + h. Jẹ́ kí h máa kéré sí i títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, 2x ló kù. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà ní Ọdún 9, tí ẹ̀ ń gbàgbé yàrá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì yẹn, àwọn gan-an ló ń dúró dè yín níwájú.